Mélòó Ni Ẹ Kò Rí?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí lẹ́tà kan ti wà lórí tábìlì wa níbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e kúrò níbẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé kan ní Kubwa, l'Ábùjá, ló kọ ọ́. Wọ́n kó wọn lọ wo ẹranko ní Yankari, ní ìpínlẹ̀ Bauchi, réńjà tó mú wọn káàkiri sì jẹ́ ọmọ Yorùbá láti apá Kwara. Ọmọ náà gbọ́ ọ tó ń sọ Yorùbá lórí fóònù, ó sì ti mọ èdè tí òun máa fi kọ̀wé. Ojú ìwé kan péré ni, bíró búlúù, ìkọ̀wé rẹ̀ tóbi:

"Ẹ̀yin Bàbá Réńjà, ẹ kú iṣẹ́ igbó, sà. Ẹ sọ fún wa pé ẹ máa ń ka àwọn ìmàdò. Mo ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí ẹ kà lánàá lẹ tún ń kà lónìí? Wọ́n jọra. Èkejì, àwọn tó sá pamọ́ ńkọ́? Mélòó ni ẹ kò rí? Mọ́mì mi ní kí n má da yín láàmú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ ṣeun, sà."

Réńjà náà mú lẹ́tà yìí wá fún àwa tí a máa ń jókòó ti ìṣirò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti igbó dé. Ó ní òun mọ ìdáhùn lẹ́sẹ̀, òun ò mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ohun tó sọ yẹn yé wa dáadáa. Oníròyìn máa ń bi wá pé mélòó ló wà. Ọ̀gá máa ń bi wá pé mélòó lẹ rí. Ọmọ yìí ló bèèrè èyí tí a kò rí, bẹ́ẹ̀ èyí tí a kò rí gan-an ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé. Èyí tí a rí kò le. Ẹni tó bá lójú tó sì mọ ení, èjì, á kà á.

## Kí ló dé tí ẹ ò kúkú kà wọ́n tán?

Ká kọ́kọ́ mú èyí kúrò nílẹ̀. Yankari fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ká ní ẹnì kan ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó, tó sì lè rí ẹranko dáadáa dé 50 mítà lápá ọ̀tún àti 50 mítà lápá òsì. Kìlómítà kan tó bá rìn, ìdámẹ́wàá kìlómítà onígun mẹ́rin kan ló wò. Kó tó wo Yankari tán, ó máa rin 22,440 kìlómítà. Bó bá ń rin kìlómítà 5 láràárọ̀, tí kò sinmi lọ́jọ́ Sunday, tí kò ṣàìsàn, á gbà á ju ọdún 12 lọ. Ìmàdò tó kà lọ́dún kìíní á ti kú, ọmọ rẹ̀ á ti bímọ.

Wọ́n lè fi ọkọ̀ òfuurufú ka erin, torí erin tóbi tí èèyàn fi lè rí i látòkè. Kìnnìún tiẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé, ní gbogbo Nàìjíríà, Yankari àti Kainji nìkan ni wọ́n ṣẹ́ kù sí. Òru ni wọ́n fi ń wá wọn, wọ́n á lo ohùn ẹran tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti fi pè wọ́n jáde. Kò sí èyí tó bá ìmàdò mu nínú méjèèjì. Ó kéré jù fún ọkọ̀ òfuurufú, ó sì pọ̀ jù fún pípè. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á, orí ìlà sì ni wọ́n ti ń kà á.

## Ìlà tí kò bá odò rìn

Ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é látòkè délẹ̀, irú àpẹẹrẹ tí a fi ń kọ́ réńjà tuntun. A yan apá kan nínú igbó náà, kìlómítà 15 níbùú, 20 lóròó. Ìyẹn jẹ́ 300 kìlómítà onígun mẹ́rin. A fa ìlà sórí máàpù láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kìlómítà 2 sì wà láàárín ìlà kan sí ìkejì. Ẹsẹẹsẹ mẹ́wàá la ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó kìlómítà 15. A gé ẹsẹẹsẹ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta kí àwọn tó ń rìn má baà kú sọ́nà. Ó di ìlà 30, kìlómítà 5 nìkọ̀ọ̀kan.

Níbo ni ìlà àkọ́kọ́ máa gbà? Ibí yìí ni ọgbọ́n wà. Bí wọ́n bá ní kí réńjà fúnra rẹ̀ yan ibi tó wù ú, ibi tó mọ̀ pé ẹranko wà ló máa gbà, ẹ ò sì lè bá a wí; ojú tó ti rí nǹkan níbì kan á fẹ́ padà síbẹ̀. Nítorí náà gègé la máa ń ṣẹ́. A mú nọ́ńbà kan láàárín 0 sí 2,000 láìwò. Bó bá jẹ́ 730, ìlà àkọ́kọ́ gba 730 mítà láti etí àgbègbè náà, àwọn yòókù á sì tẹ̀ lé e ní kìlómítà méjì-méjì, ì báà já sórí àpáta, ì báà já sínú ẹ̀gún.

Èkejì, ìlà gbọ́dọ̀ dábùú odò, kò gbọdọ̀ bá odò rìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí adágún kéékèèké bá ti gbẹ, etí odò Gaji ni ẹranko máa ń rọ́ lọ. Bí ìlà bá tẹ̀ lé odò, ẹranko á pọ̀ nínú ìwé wa bí ẹ̀wà nínú ìkòkò. Bó bá sì jìnnà sódò pátápátá, òfo la máa gbé délé. Àmọ́ ìlà tó dábùú odò á bẹ̀rẹ̀ níbi gbígbẹ, á kọjá níbi tútù, á sì padà síbi gbígbẹ, bí igbó náà ṣe rí gan-an. Ìdí kan náà ni a kì í fi í kà lójú ọ̀nà mọ́tò. Ìmàdò tó wà ní àgọ́ Wikki, níbi tí àwọn àlejò Yankari máa ń dé sí, kò sá fún èèyàn mọ́, á máa jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ẹni tó bá fi ti Wikki wọn ti Yankari, ọjà Wuse ló fi ń wọn gbogbo Àbújá yẹn.

Ẹni mẹ́rin ló ń rin ìlà kan. Ọ̀kan mú kọ́ńpáàsì àti jípíẹ́ẹ̀sì, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí wọ́n má yà kúrò lórí ìlà. Ẹni méjì ń wo ọ̀tún àti òsì, ọ̀kan nínú wọn ló gbé ìbọn. Ẹni kẹrin ń kọ̀wé. Ìrìn wọn kì í yá: kìlómítà kan sí ọ̀kan àti díẹ̀ ní wákàtí kan, wọ́n á máa dúró, wọ́n á máa wò. Kìlómítà 5 á gba nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Wọn kì í ka ẹranko nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀, torí wọ́n ti dà á láàmú nígbà tí wọ́n ń lọ.

## Ẹ jẹ́ ká dúró síbi tí ìmàdò kan ti kúnlẹ̀

Ẹ wo bó ṣe ń rí. Iná ti jó koríko náà ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, èyí tó hù tuntun sì tútù yọ̀yọ̀ láàárín eérú. Ẹni tó ń wo apá òsì gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dúró. Ìmàdò mẹ́ta. Ìyá fi orúnkún iwájú méjèèjì kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ìmàdò ṣe ń jẹ koríko kúkúrú; ọmọ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó bá kúnlẹ̀ báyìí, koríko tí kò ga dé itan èèyàn lè bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá gbóòórùn wọn, á ju ìrù sókè gbọnrangandan bí igi àsíá, á sì sáré, àwọn ọmọ á tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìrù tiwọn náà lókè. Nígbà mìíràn ìrù yẹn nìkan la fi ń mọ iye tí wọ́n jẹ́.

Nǹkan mẹ́rin ni akọ̀wé máa kọ, kò sì ní kọ ìkarùn-ún. Ibi tí wọ́n dúró sí lórí ìlà. Iye ẹranko tó wà nínú agbo. Bí agbo náà ṣe jìnnà tó sí ibi tí wọ́n dúró, èyí tí ẹ̀rọ léésà kékeré kan máa ń sọ. Àti ọ̀nà ibi tí agbo náà wà, láti inú kọ́ńpáàsì. Ká ní ìlà wọn dojú kọ 90 dìgírì, ìyẹn ìlà-oòrùn tààrà, tí ìmàdò sì wà ní 60 dìgírì. Ìyàtọ̀ jẹ́ 30. Ẹ̀rọ sì ní 60 mítà ni. Kì í ṣe 60 yẹn là ń wá o. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bí ìmàdò ṣe jìnnà sí ìlà fúnra rẹ̀, bí ẹni fa okùn láti ara ẹranko wá bá ìlà ní igun 90 dìgírì:

60 × sin 30° = 30

Mítà 30. Nọ́ńbà kékeré yìí ló máa dáhùn ìbéèrè ọmọ Kubwa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe máa ń bà á jẹ́.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fojú díwọ̀n igun dípò kọ́ńpáàsì. Bí wọ́n bá kọ 20 dìgírì síbi tó yẹ kó jẹ́ 30, mítà 30 á di 20 ààbọ̀. Ọ̀nà kejì ni pé ẹranko á wà níwájú wọn ní ìhín, wọ́n á ní "iwájú wa náà ni, kọ òdo." Níwájú, ní mítà 60, pẹ̀lú igun dìgírì 6 péré, ìmàdò náà ṣì fi mítà 6 jìnnà sí ìlà. Bí òdo bá pọ̀ jù nínú ìwé, ẹranko inú igbó á pọ̀ jù nínú ìṣirò. Ọ̀nà kẹta, òun ló sì wọ́pọ̀ jù: ẹranko á ti sá kí ẹ̀rọ tó kàn án, wọ́n á wá wọn ibi tó sá dé. Ibi tó wà nígbà tí ojú kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ni kí wọ́n wọ̀n. Bó bá ti lọ, kí wọ́n yan igi kan tó wà nítòsí ibẹ̀, kí wọ́n da léésà sí igi náà. Koríko pàápàá máa ń tan ẹ̀rọ yẹn jẹ; á kan koríko tó wà ní mítà 15, á sì ní ìmàdò wà ní mítà 15. Réńjà tó gbọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

## Àwọn tó sá pamọ́

Àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin rìn fún ọgbọ̀n òwúrọ̀, wọ́n rin ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin, ọjọ́ mélòó kan sì wà láàárín ìrìn kan sí èkejì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 600 kìlómítà. Agbo ìmàdò 70 ni wọ́n rí láàárín 100 mítà sí ìlà, lọ́tùn-ún lósì. A pín wọn sí yàrá márùn-ún gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jìnnà sí ìlà, 20 mítà ní yàrá kan. Yàrá tó sún mọ́ ìlà jù ní agbo 24. Èyí tó tẹ̀ lé e, 20. Lẹ́yìn náà 14, lẹ́yìn náà 8, yàrá tó jìnnà jù ní 4.

Ẹ dúró wo nọ́ńbà wọ̀nyẹn: 24, 20, 14, 8, 4. Kí ló fà á tí wọ́n fi ń dín kù?

Ìmàdò ò mọ̀ pé ìlà wà. Orí máàpù, nínú ọ́fíìsì, la ti fa ìlà yẹn, gègé la sì fi yan ibi tó gbà. Kò sí ìdí kankan tí ìmàdò á fi pọ̀ ní mítà 10 sí ìlà kí ó tó wá ṣọ̀wọ́n ní mítà 90. Iye tó wà nítòsí náà ló wà lókèèrè. Nítorí náà, kì í ṣe ìmàdò ló ń dín kù nínú nọ́ńbà wọ̀nyẹn, ojú wa ló ń dín kù. Àwọn tó sá pamọ́ ti fi àyè wọn sílẹ̀ nínú ìwé fún wa láti kà.

Èyí ni mo rò pé ọmọ náà máa fẹ́ràn. Bí a bá gbà pé nítòsí ìlà a rí gbogbo wọn, a jẹ́ pé agbo 24 ló yẹ kó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Yàrá márùn-ún, ìgbà márùn-ún 24: 120. A rí 70. Àádọ́ta agbo ni a kò rí. Mélòó ni ẹ kò rí, sà? Àádọ́ta, nínú ibi tí a rìn. Kọ̀ǹpútà á fa ìlà kan tó tẹ̀ kọrọdọ lórí àwọn yàrá náà, kò ní gé e gbùngbùn bí mo ṣe gé e yìí, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í jìnnà sí tiwa. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Níbí, ohun tó wà lẹ́yìn 70 jẹ́ 120.

Ẹ̀wẹ̀, kìlómítà 600 tí a rìn, 100 mítà lápá kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 120 kìlómítà onígun mẹ́rin. Agbo 120 nínú 120. Agbo kan ní kìlómítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Àgbègbè wa jẹ́ 300, agbo 300 ló wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ọmọ náà ti rí ìdáhùn níbí láìjẹ́ pé a dárúkọ rẹ̀. A rin ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó dájú pé a ka ìmàdò kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Bí a ṣe ka ẹranko náà lẹ́ẹ̀mẹrin, bẹ́ẹ̀ la ka ilẹ̀ tó dúró lé lẹ́ẹ̀mẹrin, torí kìlómítà 150 ni ìlà wa, 600 la sì kọ sínú ìṣirò. Ó pọ̀ lókè, ó pọ̀ nísàlẹ̀. Èyí tó burú ni kí a lé agbo kan síwájú kí a tún bá a lórí ìlà kan náà láàárọ̀ kan náà, kí a wá kọ ọ́ bí agbo tuntun. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wò fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ibi tí èyí tó sá forí lé.

## Agbo ńlá kì í mọ bí a ti ń fara pamọ́

Agbo 70 tí a rí ní ìmàdò 175 nínú. Ẹni tó bá yára á pín in: méjì ààbọ̀ nínú agbo kan, 300 agbo, 750 ìmàdò. Ọ̀pọ̀ ìròyìn ló ti fi báyìí ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ tún padà sínú yàrá. Agbo 44 tó wà láàárín 40 mítà sí ìlà ní ìmàdò 97, ìyẹn méjì àti díẹ̀ nínú agbo kan, 2.2. Agbo 26 tó wà lókèèrè ní 78, mẹ́ta géérégé. Ṣé agbo máa ń tóbi nígbà tó bá jìnnà sí ìlà ni? Rárá. Akọ tó ń dá jẹko lókèèrè ni a kò rí. Ìyá àti ọmọ mẹ́ta pẹ̀lú ìrù mẹ́rin lókè, kò sí bí ojú ṣe máa fò wọ́n. Nítorí náà ti ìtòsí la gbọ́dọ̀ lò. 300 lọ́nà 2.2 jẹ́ 660. Àádọ́rùn-ún ìmàdò tí kò sí níbì kankan ti bọ́ kúrò nínú ìwé.

660 yẹn náà kò dá dúró o. Nínú ìlà 30, àwọn kan wà tí kò ní agbo kankan, àwọn kan nítòsí odò ní mẹ́fà tàbí méje. Ká ní gègé wa mú 1,400 dípò 730, ìlà á gba ibòmíràn, iye á yí padà. Láti inú bí ìlà ṣe yàtọ̀ sí ara wọn la ti ń mọ bí ìdáhùn ṣe lè yẹ̀ tó. Nínú àpẹẹrẹ irú èyí, ó lè jẹ́ láti 460 dé 950. Bí wọ́n bá tún kà lọ́dún tó ń bọ̀ tí wọ́n rí 600, tí ẹnì kan sì pariwo pé àwọn ọdẹ ti pa ìmàdò 60, kò mọ ohun tó ń sọ ni. 600 wà láàárín 460 àti 950 dáadáa. Ohun tó lè sọ fún wa pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni kí iye náà já wálẹ̀ gidigidi, tàbí kó máa lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún láìdúró.

Bákan náà ni agbo 70 yẹn kì í ṣe nọ́ńbà ṣákálá. Àwọn tó ṣe ọ̀nà tí a ń gbà ka ẹranko yìí máa ń sọ pé ó kéré tán, kí agbo tí a rí tó 60 sí 80 kí ìrísí àwọn yàrá tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Pẹ̀lú agbo 15, yàrá kan lè ní 3, èkejì 5, ìkẹta 1, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ bóyá ojú ló ń dín kù tàbí oríire lásán ni.

## Ibi tí ìṣirò ò lè dé: inú ihò

Gbogbo ohun tí mo sọ dúró lórí ẹsẹ̀ kan: pé èyí tó wà lórí ìlà gan-an, a rí i. Ìmàdò ni ẹranko tó máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ yẹn.

Inú ihò ni ìmàdò ń sùn, ihò tí ẹranko mìíràn ti gbẹ́ tó sì fi sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí ló fi ń wọ̀ ọ́, kí orí àti ehín rẹ̀ lè wà lẹ́nu ọ̀nà de ẹni tó bá fẹ́ wọlé wá bá a. Lákòókò ọyẹ́, ní January, bí òtútù bá mú láàárọ̀, kì í tètè jáde. Á dúró títí oòrùn á fi ta sára ilẹ̀. Wàyí o, ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, torí àkókò yẹn ló dára jù fún àgbọ̀nrín àti àwọn ẹran yòókù. Wọ́n á gba orí ìmàdò kọjá, ó wà lábẹ́ bàtà wọn, wọn ò ní rí i. Òdo mítà sí ìlà, síbẹ̀ kò wọ̀wé.

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn yàrá ò ní fi hàn. Ihò kì í pọ̀ nítòsí ìlà ju òkèèrè lọ, nítorí náà gbogbo yàrá á jùmọ̀ dín kù, ìrísí wọn á ṣì rẹwà. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún bá wà nínú ihò nígbà tí a kọjá, 660 wa yẹ kó jẹ́ 825. Kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe sí i. Ọgbọ́n tó wà ni kí a wo aago tí a rí agbo kọ̀ọ̀kan. Bí kìlómítà méjì àkọ́kọ́ bá máa ń ṣófo lórí gbogbo ìlà, tí ìmàdò wá ń pọ̀ láti aago mẹ́jọ lọ, ihò ló ń jẹ wá. Ẹ yí ìlà padà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òpin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí òfo náà bá tẹ̀ lé aago dípò kó dúró síbi tó wà, ó ti dájú. Nígbà náà, ti ìmàdò nìkan, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti mú.

Àléébù kejì máa ń fi ara hàn ní tirẹ̀. Níbi tí ọdẹ ti ń da ẹranko láàmú, ìmàdò á ti gbọ́ ẹsẹ̀ kí ojú tó tẹ̀ ẹ́, á ti yà kúrò lórí ìlà. Àwọn yàrá á wá rí báyìí: 11, 21, 19, 12, 7. Àádọ́rin náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi 11 ṣe ìṣirò wa: ìgbà márùn-ún 11 jẹ́ 55. Ìṣirò ní 55 ló wà. Àwa sì ti rí 70! Nígbà tí iye tó wà bá kéré sí iye tí a rí, ẹranko ti ń sá kí a tó dé nìyẹn. A gbọ́dọ̀ dín ariwo ẹsẹ̀ kù, a gbọ́dọ̀ wo iwájú ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, yàrá àkọ́kọ́ tó ṣófo tún jẹ́ ìròyìn fún ọ̀gá àwọn réńjà: ẹranko tó mọ ìró ẹsẹ̀ èèyàn dáadáa báyìí, ẹnì kan ló kọ́ ọ.

## Ohun tí a fi ránṣẹ́ sí Kubwa

A ò lè kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà ọmọdé. Ohun tí réńjà náà kọ ni pé kí wọ́n fi ìdérí ìgò ṣe é. Kí ẹnì kan ka ìdérí 80, kó fọ́n wọn ká sínú koríko pápá ilé-ìwé, ibi tó jẹ́ 50 mítà lóròó, 40 mítà níbùú, kó má sọ iye rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí àwọn yòókù ta okùn márùn-ún, 40 mítà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mítà 10 láàárín okùn kan sí èkejì. Kí wọ́n rin orí okùn jẹ́jẹ́, kí wọ́n má yà, kí wọ́n fi tépù wọn bí ìdérí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rí ṣe jìnnà sí okùn, títí dé mítà 4 lápá kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́tà kejì dé ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Ìdérí 40 ni wọ́n rí. Yàrá mítà kọ̀ọ̀kan: 15, 12, 8, 5. Ìgbà mẹ́rin 15, 60. Ilẹ̀ tí wọ́n wò jẹ́ 1,600 mítà onígun mẹ́rin nínú 2,000, nítorí náà ìṣirò wọn já sí 75. Ẹni tó fọ́n ìdérí ní 80 ni òun fọ́n. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ọmọ náà wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, bíró búlúù náà:

"Sà, a ti rí ìdí kan. Ọmọ kíláàsì wa kan kó mẹ́ta sápò kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ó ku méjì. Ṣé àwa la kò kà á dáadáa ni, tàbí bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń rí?"